Orí Keje: Àtúnkọ Àkópọ̀ Ìjábọ̀ Ẹnjiníà fún Àwọn Aṣèpinnu

Ète ẹ̀kọ́

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá parí orí yìí, ó yẹ kó lè:

- tọ́ka sí ibi tí kókó ọ̀rọ̀ fara pamọ́ sí nínú àkópọ̀ tó gùn gbọọrọ;
- tún àkópọ̀ bẹ́ẹ̀ kọ, kí ìpinnu tí a ń béèrè lè wà níwájú, kí ẹ̀rí sì tẹ̀ lé e;
- ya ohun tí a wọ̀n sọ́tọ̀ kúrò lára ìtumọ̀ tí a fún un àti ohun tí a ń retí;
- kọ ohun tí a kò tíì mọ̀ lọ́nà tí aṣèpinnu yóò fi mọ ohun tó máa ṣe.

7.1 Ohun tí àkópọ̀ wà fún

Àkópọ̀ ìjábọ̀ ni ojú-ewé kan tàbí méjì tó máa ń ṣáájú ìjábọ̀ ẹnjiníà, tó ń sọ ohun tí iṣẹ́ náà rí àti ohun tó yẹ kí a ṣe nípa rẹ̀. Ẹni tí a kọ ọ́ fún ni aṣèpinnu, ìyẹn ẹni tó máa buwọ́ lùwé, tó máa yọ owó, tàbí tó máa ní kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró. Ní káńsù ìjọba ìbílẹ̀, irú bíi ti Ìkẹ́rẹ́, ti Ìsẹ̀/Ọ̀rún tàbí ti Emùré, ó lè jẹ́ alága, ó lè jẹ́ akápò, ó sì lè jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka iṣẹ́. Ìwé tó wà lórí tábìlì irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Bí ìjábọ̀ bá jẹ́ ọgọ́ta ojú-ewé, ojú-ewé àkọ́kọ́ ló máa kà dáadáa. Yóò ṣí àwọn tó kù nígbà tí nǹkan kan nínú ti àkọ́kọ́ bá kọ ọ́ lóminú.

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ dà pọ̀. Àbájáde ni ohun tí ìwádìí rí. Àbá ni ohun tí ẹnjiníà ní kí a ṣe nítorí ohun tó rí. “Àpáta líle bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi mítà márùn-ún” jẹ́ àbájáde, “ẹ má lu bọ́hòlù síbẹ̀” sì jẹ́ àbá. Àkópọ̀ tó ní àbájáde láìní àbá ń fi iṣẹ́ ẹnjiníà sílẹ̀ fún akápò láti ṣe. Èyí tó ní àbá láìní àbájáde ní kí wọ́n gba òun gbọ́ ṣá.

Àkópọ̀ kì í sì í ṣe ìfáàrà. Ìfáàrà ń sọ ìdí tí iṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, ibi tó ti wáyé àti ọ̀nà tí a gbà ṣe é. Púpọ̀ nínú àkópọ̀ tó ń rin ìrìn àrè jẹ́ ìfáàrà tí wọ́n fi orúkọ mìíràn pè.

7.2 Ilẹ̀ tí àpẹẹrẹ wa dúró lé

Ìwádìí omi abẹ́ ilẹ̀ ni a máa lò, nítorí pé ó wọ́pọ̀ ní gúúsù Èkìtì, àbájáde rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dá ojú. Ẹni tó bá wo Olósùnta àti Òròlé ní Ìkẹ́rẹ́ ti rí ohun tó wà lábẹ́ ìlú náà: gíránáìtì àti ṣánọ́káìtì, àpáta ìpìlẹ̀ àtijọ́. Irú àpáta yìí kò ní ihò kéékèèké tí omi lè jókòó sí bíi ti iyanrìn. Ibi méjì ni omi ti lè wà. Ọ̀kan ni ìpele òkè, níbi tí àpáta ti jẹrà di ilẹ̀. Èkejì ni ibi tí àpáta fúnra rẹ̀ ti sán tí omi sì wọ inú ẹ̀là rẹ̀. Ibi tí kò bá ti jẹrà jìnnà, tí kò sì sán, ẹ̀rọ lè lu ọgọ́ta mítà kó má bá nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí bọ́hòlù ilé kan fi ń ṣiṣẹ́ tí ti àdúgbò kejì fi gbẹ.

Kí ẹ̀rọ tó dé, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ máa ń gún ọ̀pá irin mẹ́rin sílẹ̀, wọ́n á fi méjì rán iná mànàmáná wọlẹ̀, wọ́n á sì fi méjì tó kù wọn bí ilẹ̀ ṣe dènà iná náà. Ìwọ̀n yìí ni wọ́n ń pè ní ìdènà iná, óòmù-mítà sì ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Àpáta líle máa ń dènà iná púpọ̀. Ilẹ̀ tó lómi nínú kì í dènà tó bẹ́ẹ̀. Amọ̀ náà kì í dènà iná, bẹ́ẹ̀ amọ̀ kì í tú omi tó bá gbà sílẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ni nǹkan yìí sì ti tàn jẹ.

Àkópọ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí, a ṣe é fún ẹ̀kọ́ yìí ni. Kì í ṣe ìjábọ̀ káńsù kankan, àwọn iye owó inú rẹ̀ sì jẹ́ ti àpẹẹrẹ. Ká ní káńsù kan fẹ́ lu bọ́hòlù fún àdúgbò tí ẹgbẹ̀rún ó dín ọgọ́rùn-ún (900) èèyàn ń gbé, ẹ̀yìn ọ́fíìsì káńsù sì ni wọ́n fọkàn sí.

7.3 Àkópọ̀ bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ kọ ọ́

> Omi ni orísun ìyè, kò sì sí àwùjọ tó lè gbèrú láìsí omi tó mọ́ gaara. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti ìdúpẹ́ fún Alága ọlọ́lá àti àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ wọn tí wọ́n fún wa láǹfààní yìí, a bẹ̀rẹ̀ ìwádìí omi abẹ́ ilẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀. Agbègbè náà wà lórí àpáta ìpìlẹ̀ tó gbòòrò jákèjádò Èkìtì, èyí tí gíránáìtì àti ṣánọ́káìtì pọ̀ nínú rẹ̀. Ìwọ̀n ìdènà iná ni a lò, ojúàmì mẹ́ta ni a sì yẹ̀ wò. Ní ojúàmì A, èyí tí àwọn aláṣẹ fẹ́ràn jù, ìpele kìíní jẹ́ mítà 1.2, ìpele kejì jẹ́ mítà 4.1, lẹ́yìn náà ni a kan ìpele kẹta tí ìdènà iná rẹ̀ ju 3,000 óòmù-mítà lọ, èyí tó jọ pé ó lè máa tọ́ka sí i pé àǹfààní omi ibẹ̀ lè má fi bẹ́ẹ̀ tó ti ibòmíràn. Ní ojúàmì B, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, a rí ìpele kan láàárín mítà 18 sí 34 tí ìdènà iná rẹ̀ jẹ́ 420 óòmù-mítà. Ní ojúàmì C, ìpele tó jẹrà jin tó mítà 16, ìdènà iná rẹ̀ sì jẹ́ 60, a sì ṣàkíyèsí pé ṣáláńgá kan wà ní mítà 14 síbẹ̀. Bí a bá gbé gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò, a lè sọ pé ojúàmì B yẹ fún àyẹ̀wò síwájú sí i. Ó tún yẹ ká mẹ́nu bà á pé ìwọ̀n orí ilẹ̀ kì í sọ iye omi tó máa jáde. Àpapọ̀ owó iṣẹ́ náà, títí kan pọ́ǹpù, sólà àti táǹkì, jẹ́ ₦6,300,000. A tún dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, a sì ń retí èsì rere.

7.4 Ibi tí ó ti wọ́

Kò sí irọ́ kankan nínú àkópọ̀ yìí. Kódà, gbogbo ohun tí aṣèpinnu nílò fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀ tán. Àṣìṣe rẹ̀ wà nínú bí wọ́n ṣe tò ó àti bí wọ́n ṣe fọwọ́ rọra mú ọ̀rọ̀.

Ẹni tó kọ ọ́ tò ó bí iṣẹ́ ṣe lọ: a dé ibẹ̀, a wo àpáta, a gún irin, a rí èyí, a rí tọ̀hún. Ìtàn iṣẹ́ ẹnjiníà nìyẹn. Ìbéèrè alága yàtọ̀: níbo ni ká lu, èló ni, kí ló lè bàjẹ́? Kó tó bá ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́ pàdé, ó ti la gbólóhùn méje kọjá, èyí tó sì bá pàdé náà kò sọ pé “ẹ lu ú síbẹ̀”. Ó ní ó “yẹ fún àyẹ̀wò síwájú sí i”. Alága lè ka ìyẹn tán kó tún gba iṣẹ́ ìwádìí mìíràn jáde.

Ìṣòro tó wúwo jù wà ní ojúàmì A. Àpáta líle tí kò sán ló wà níbẹ̀ láti nǹkan bíi mítà márùn-ún sísàlẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé ibi tí káńsù fọkàn sí kò dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ kò fẹ́ wo ojú àgbà kó sọ pé rárá, ló bá kó “jọ pé”, “lè máa tọ́ka” àti “lè má fi bẹ́ẹ̀” lé ara wọn lórí. Nínú ìjíròrò, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ń tó ọmọlúàbí. Nínú àkópọ̀ ẹnjiníà, àbọ̀ ọ̀rọ̀ lè di owó tó wọ inú ilẹ̀ lọ láìrí omi. Ọ̀wọ̀ ní ibi tirẹ̀, ibẹ̀ sì ni lẹ́tà tí a fi ń gbé ìjábọ̀ ránṣẹ́. Kí ìkíni, oyè àti ìdúpẹ́ wà nínú lẹ́tà náà ní kíkún, kí “má lu síbẹ̀” sì wà nínú àkópọ̀.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n da owó pọ̀. ₦6,300,000 ni wọ́n kọ bí ẹni pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni a máa ná an. Nínú ìjábọ̀ gan-an, ìpele méjì ni: lílu kànga àti dídán omi rẹ̀ wò jẹ́ ₦3,400,000, pọ́ǹpù, sólà àti táǹkì sì jẹ́ ₦2,900,000. Bí kànga bá gbẹ, kò sí ìdí láti ná ti ìpele kejì. Aṣèpinnu tí kò rí ìyàtọ̀ yìí lè ra táǹkì kó tó mọ̀ bóyá omi wà.

7.5 Àpẹẹrẹ kan láti òkè òkun

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2003, ọkọ̀ òfuurufú Columbia ti àjọ NASA gbéra ní Amẹ́ríkà. Kò tíì tó ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ tí fóòmù kan fi já kúrò lára táǹkì epo rẹ̀, tó sì lu apá òsì ọkọ̀ náà. Nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lókè, àwọn ẹnjiníà Boeing gbé àlàyé wọn kalẹ̀ fún àwọn ọ̀gá lórí ojú-ewé tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ hàn lára ògiri. Àkọlé ọ̀kan nínú àwọn ojú-ewé náà fọkàn ẹni balẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìdánwò tó wà nílẹ̀ fi hàn pé ìṣirò wọn wà lápá ibi tí ewu ti kéré.

Ní ìsàlẹ̀ ojú-ewé kan náà, nínú lẹ́tà wínníwínní, ni ohun tó wúwo jù wà. Fóòmù tí wọ́n fi ṣe ìdánwò jẹ́ ínṣì kúbíìkì mẹ́ta péré. Èyí tó lu ọkọ̀, wọ́n fojú bù ú sí 1,920. Ìyẹn ni pé èkejì fi nǹkan bí ìgbà 640 tóbi ju ti ìdánwò lọ, ìdánwò náà kò sì lè sọ ohunkóhun tó dájú nípa rẹ̀. Ọkọ̀ náà fọ́ yángá ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì nígbà tó ń padà bọ̀, èèyàn méje tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Nígbà tí ìgbìmọ̀ olùwádìí gbé ìjábọ̀ wọn jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, wọ́n tẹ ojú-ewé yẹn sínú rẹ̀ pẹ̀lú àlàyé Edward Tufte, tó jẹ́ onímọ̀ nípa bí a ṣe ń gbé ìsọfúnni kalẹ̀.

Kì í ṣe ojú-ewé kan ló fa jàm̀bá náà, ọ̀pọ̀ nǹkan ló kóra jọ. Kò sì sí ẹni tó fi òótọ́ pa mọ́ nínú ojú-ewé náà. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ ìsàlẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí, lábẹ́ àkọlé tó ń sọ ohun mìíràn.

7.6 Bí a ṣe ń tún un kọ

*Igbésẹ̀ kìíní: kọ ìpinnu ná.* Kí o tó fọwọ́ kan àkópọ̀ àtijọ́, kọ gbólóhùn kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Kí káńsù…”. Bí o kò bá lè parí rẹ̀, padà sínú ìjábọ̀, torí ó ṣeé ṣe kí ìjábọ̀ gan-an má tíì ní àbá. Fún àpẹẹrẹ wa: kí káńsù fọwọ́ sí ₦3,400,000 fún lílu àti ìdánwò ní ojúàmì B.

*Igbésẹ̀ kejì: ya ìwọ̀n, ìtumọ̀ àti ìrètí sọ́tọ̀.* Níbi yìí ni ẹni tó ń kánjú gé ọ̀rọ̀ kúrú ti máa ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ní ojúàmì B, ohun tí a wọ̀n ni 420 óòmù-mítà láàárín mítà 18 sí 34. Pé àpáta ibẹ̀ ti sán jẹ́ ìtumọ̀ tí onímọ̀ ilẹ̀ fún ìwọ̀n náà. Pé omi wà nínú ẹ̀là rẹ̀ jẹ́ ìrètí. Bí a bá kọ “omi wà ní ojúàmì B” nítorí pé ó kúrú, a ti sọ ìrètí di àbájáde, ojú yóò sì ti ẹnjiníà bí kànga bá gbẹ. Ó tó kí a kọ “ìwọ̀n tọ́ka sí àpáta tó sán”. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “tọ́ka sí”, ti gbé gbogbo iyèméjì tó yẹ. Kò nílò “jọ pé” tàbí “bóyá” mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣáláńgá ojúàmì C ní tirẹ̀ kò nílò iyèméjì rárá, téépù ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

*Igbésẹ̀ kẹta: sọ iyèméjì di ààlà.* Ààlà ìpinnu ni iye tó jẹ́ pé bí ìwọ̀n bá kọjá rẹ̀, ohun kan ni a máa ṣe, bí kò bá sì dé ibẹ̀, ohun mìíràn. Àkópọ̀ àtijọ́ sọ pé ìwọ̀n orí ilẹ̀ kì í sọ iye omi. Òótọ́ ni, àmọ́ kí ni kí alága fi ṣe? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìlànà omi ti Nàìjíríà fún ìgbèríko jẹ́ lítà 30 fún ẹnì kan lójúmọ́. Fún 900 èèyàn, ìyẹn jẹ́ lítà 27,000. Bí sólà bá lè fa omi fún wákàtí méje ààbọ̀ lójúmọ́, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 27,000, kànga gbọ́dọ̀ lè mú lítà kan jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ààlà àkọ́kọ́ nìyẹn. Bí kò bá dé lítà kan ṣùgbọ́n tó tó lítà 0.2, pọ́ǹpù tí a ń fọwọ́ tẹ̀ lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, kò kàn ní tó gbogbo àdúgbò. Bí kò bá tó 0.2, kí a dí kànga náà.

Ohun tó máa sọ èyí tó jẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìdánwò fífa omi: a ó máa fa omi kànga tuntun fún wákàtí púpọ̀, a ó sì máa wọn bí ojú omi ṣe ń lọ sílẹ̀ àti bó ṣe ń padà gòkè lẹ́yìn tí a bá dá ẹ̀rọ dúró. Àsìkò tí a bá ṣe é ṣe pàtàkì. Òjò ń rọ̀ nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí ní oṣù Kẹsàn-án. Kànga tó mú lítà kan wá nígbà náà lè má mú un wá ní oṣù Kejì tàbí oṣù Kẹta, nígbà tí ojú omi abẹ́ ilẹ̀ bá ti rẹlẹ̀. Nínú àkópọ̀ àtijọ́, ọ̀rọ̀ yìí wà lábẹ́ “nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀”, níbi tí kò sẹ́ni tó máa kà á sí ìkìlọ̀.

*Igbésẹ̀ kẹrin: yọ ohun tí ìpinnu kò dúró lé.* Mú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí o bi ara rẹ pé: bí èyí kò bá sí níbẹ̀, ṣé aṣèpinnu lè ṣe ìpinnu mìíràn? Omi ni orísun ìyè: rárá, yọ ọ́. Ọ̀nà tí a gbà wọn ilẹ̀: rárá, ó di orí kejì ìjábọ̀. Ìpele kìíní tó jẹ́ mítà 1.2: rárá, ìjìnlẹ̀ tí àpáta líle ti bẹ̀rẹ̀ ló kàn án. Ṣáláńgá: bẹ́ẹ̀ ni, torí ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tí a kò lu C, nígbà tó jẹ́ pé ilẹ̀ tó jẹrà jin níbẹ̀.

7.7 Àkópọ̀ lẹ́yìn àtúnkọ

> Ìpinnu tí a ń béèrè. Kí káńsù fọwọ́ sí ₦3,400,000 láti lu bọ́hòlù kan, mítà 45, ní ojúàmì B lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, kí a sì ṣe ìdánwò fífa omi ní oṣù Kejì. Kí a má lu sí ẹ̀yìn ọ́fíìsì káńsù (ojúàmì A).
>
> Ìdí. Ní A, ìwọ̀n tọ́ka sí àpáta líle tí kò sán láti mítà 5.3 sísàlẹ̀. Ní B, ìwọ̀n tọ́ka sí àpáta tó sán láàárín mítà 18 sí 34, níbi tí omi lè gbà wọlé. Ní C, ìwọ̀n tọ́ka sí ilẹ̀ tí amọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, ṣáláńgá sì wà ní mítà 14 síbẹ̀. Ó yẹ kó jìnnà tó mítà 30, ó kéré tán.
>
> Ohun tí a kò tíì mọ̀. Ìwọ̀n orí ilẹ̀ kì í sọ iye omi. Ìdánwò fífa omi ló máa sọ ọ́:
> – lítà 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó tó 900 èèyàn. Kí káńsù fọwọ́ sí ìpele kejì (pọ́ǹpù, sólà, táǹkì), ₦2,900,000;
> – lítà 0.2 sí ìsàlẹ̀ lítà 1: pọ́ǹpù tí a ń fọwọ́ tẹ̀ nìkan. Kò ní tó gbogbo àdúgbò (owó rẹ̀ wà ní ojú-ewé 31);
> – kò tó lítà 0.2: kí a dí kànga náà. ₦3,400,000 ti lọ.
>
> Àsìkò. Kí a má ra ohunkóhun fún ìpele kejì kí èsì ìdánwò tó jáde.

Ẹ wo gbólóhùn kékeré tó sọ pé “₦3,400,000 ti lọ”. Ọ̀pọ̀ ẹnjiníà ni kì í fẹ́ kọ irú rẹ̀, nítorí ẹ̀rù pé káńsù kò ní gbà mọ́. Ṣùgbọ́n akápò tó kà á tó sì buwọ́ lù ú ti mọ ohun tó wọ̀ ọ́, bí kànga bá sì gbẹ, kò sẹ́ni tó máa sọ pé wọ́n tan òun jẹ.

Ẹ wo mítà 45 náà. Ìpele tó sán parí ní mítà 34, àfikún mítà mọ́kànlá náà sì jẹ́ àyè fún omi láti kóra jọ àti fún pọ́ǹpù láti rì dáadáa. Àlàyé yìí kò sí nínú àkópọ̀, inú ìjábọ̀ ló wà. Bí ọ̀gá ẹ̀ka iṣẹ́ bá béèrè, ojú-ewé rẹ̀ wà ní àrọ́wọ́tó.

7.8 Ibi tí gígé kúrú ti lè ṣèpalára

Àkópọ̀ tí a tún kọ lè bá ìjábọ̀ rẹ̀ jà. Ẹnì kan yí 45 padà sí 50 nínú àkópọ̀ nítorí ohun tó gbọ́ ní ìpàdé, ó gbàgbé ojú-ewé 22 nínú ìjábọ̀, níbi tí 45 ṣì wà. Àwọn tó ń lu kànga mú ojú-ewé 22, akápò mú àkópọ̀, ìjà bẹ̀rẹ̀ lórí mítà márùn-ún. Nítorí náà, kí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan nínú àkópọ̀ ní ojú-ewé tó ti wá, kí ẹni tí kò kọ ọ́ sì tọpa wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bákan náà, ìdámọ̀ràn tó ṣe kedere lè fi ìyapa pa mọ́. Bí onímọ̀ ilẹ̀ bá sọ B tí ẹnjiníà omi sì sọ C pẹ̀lú gbígbé ṣáláńgá kúrò, àkópọ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣe bí ẹni pé ohùn wọn ṣọ̀kan. Gbólóhùn kan tó: ta ló sọ kí ni, kí ló sì lè yanjú rẹ̀.

7.9 Àyẹ̀wò kí ìwé tó jáde

Fi ìwé bo gbogbo àkópọ̀, kó ku ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́. Fún ẹnì kan tí kò sí nínú iṣẹ́ náà kà, kí o sì bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: kí ni wọ́n ní kí o buwọ́ lù, èló ni, kí ni wọ́n ní kí o má ṣe? Bó bá kùnà ọ̀kan, ìdáhùn náà wà nísàlẹ̀ jù. Lẹ́yìn náà, ṣí gbogbo rẹ̀, kí o bi í pé kí ló máa ṣe bí nǹkan kò bá rí bí a ṣe retí. Bó bá ní kí o jẹ́ kí òun lọ bi ẹnjiníà, ààlà ìpinnu kò tíì sí níbẹ̀. Fa ìlà sábẹ́ gbogbo “jọ pé”, “lè” àti “bóyá”, kí o fi kìkì èyí tó dúró fún ohun tí a kò wọ̀n sílẹ̀.

Ìdánrawò

1. Ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín àbájáde àti àbá. Mú àpẹẹrẹ méjì méjì láti inú àkópọ̀ 7.7.

2. Nínú àkópọ̀ 7.3, ka iye gbólóhùn tí aṣèpinnu máa kà kó tó mọ̀ pé (a) ojúàmì A kò dára, (b) iṣẹ́ náà lè kùnà. Sọ bí àtúnkọ ṣe yí iye méjèèjì padà.

3. Ká ní èèyàn àdúgbò náà jẹ́ 1,200, tí sólà sì ń fa omi fún wákàtí mẹ́fà péré. Ṣírò ààlà ìpinnu tuntun ní lítà fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kí o sì tún ìpín “Ohun tí a kò tíì mọ̀” kọ.

4. Èwo nínú ìwọ̀nyí ni ìwọ̀n, èwo ni ìtumọ̀, èwo sì ni ìrètí? (a) Ìdènà iná ìpele tó jẹrà ní C jẹ́ 60 óòmù-mítà. (b) Amọ̀ pọ̀ nínú ìpele náà. (d) Bọ́hòlù B kò ní gbẹ ní ẹ̀ẹ̀rùn. (e) Ṣáláńgá wà ní mítà 14 sí C.

5. Àkópọ̀ yìí jẹ́ ti àpẹẹrẹ nípa afárá kékeré kan lójú ọ̀nà oko. Tún un kọ láàárín ọgọ́rin ọ̀rọ̀, pẹ̀lú ìpinnu níwájú àti ààlà ìpinnu kan, ó kéré tán:

> Afárá jẹ́ ohun tó ń so àwọn èèyàn pọ̀. A ṣe àbẹ̀wò sí afárá náà ní oṣù Kẹrin, a sì rí i pé ọ̀dà ara irin ọwọ́ rẹ̀ ti ń bó, èyí tí kò dára lójú. Àwọn pákó kan náà ti ń jẹrà, a sì dá a lábàá pé kí wọ́n pààrọ̀ wọn. Òpó mẹ́ta ló gbé afárá náà dúró, ìpìlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wọlẹ̀ ní mítà 1.4. Omi ti wa ilẹ̀ ìdí òpó kejì tó mítà 1.1. Ọkọ̀ tó ń kó igi àti kòkó ń gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn ará àdúgbò gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Òjò máa ń pọ̀ láti oṣù Kẹfà, odò náà sì máa ń kún nígbà náà. Owó kíkun ọ̀dà jẹ́ ₦180,000, ti pákó jẹ́ ₦650,000, ti kíkó òkúta yí ìdí òpó ká sì jẹ́ ₦1,900,000.

6. Kọ lẹ́tà kúkúrú tí wọ́n máa fi gbé àkópọ̀ tí o kọ fún ìbéèrè 5 ránṣẹ́ sí alága káńsù. Fi gbogbo ìkíni àti oyè tó yẹ sínú rẹ̀, kí o má sì tún àbájáde kankan sọ níbẹ̀.